Láti Ìkòkò Ẹni Mẹ́rin Dé Ti Ẹni Mẹ́wàá

Ní kíláàsì ìdáná, ìkòkò ẹni mẹ́rin ni a fi kọ́ ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù: ìrẹsì ife 2, omi ẹran ife 3, iyọ̀ ṣíbí kékeré 1, ata rodo 2. Lónìí, ẹni mẹ́wàá ni ó ń yí tábìlì ká nílé ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ìrẹsì sì ti wọ́n ju èyí tí a lè fi ìkòkò kan ṣòfò lọ.

Ìṣirò àkọ́kọ́ rọrùn. Bí a bá pín 10 sí ọ̀nà 4, ó di 2 àbọ̀. Nítorí náà ìrẹsì ife 2 di ife 5. Tòmáàtì, tàtàsé àti àlùbọ́sà sì tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Omi, iyọ̀ àti àkókò ni kì í tẹ̀ lé e.

Bí a bá sọ omi ife 3 di 7 àbọ̀, ìrẹsì lè rọ̀ jù. Ìrẹsì ń mu nínú omi náà, ooru sì ń gbé ìyókù lọ. Èyí tí ìrẹsì ń mu ń pọ̀ bí ìrẹsì ti ń pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ooru ń gbé lọ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹnu ìkòkò ńlá kò fẹ̀ ní ìlọ́po méjì àbọ̀. Ife 6 àbọ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì gbé omi gbígbóná ife 1 sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí omi bá gbẹ tí inú hóró ìrẹsì ṣì le, a ó bù díẹ̀ wọ́n ọn.

Iyọ̀ ṣíbí 2 àti ata rodo 4 ni a kọ́kọ́ ń fi sí i, nítorí pé iyọ̀ ti wà nínú omi ẹran tẹ́lẹ̀. Kí a tó da ìrẹsì sí i, a ó tọ́ omi ọbẹ̀ náà wò: ó yẹ kí iyọ̀ rẹ̀ hàn díẹ̀ ju bí a ti ń fẹ́ ẹ lọ, torí ìrẹsì yóò fà á mu. Èyí tí ó kù ṣeé fi kún un. Èyí tí ó ti pọ̀ jù kò ṣeé yọ.

Ata díndín ni ó ń gba àkókò jù. Omi inú ata ti pọ̀ sí i, iná kò pọ̀ sí i. Ohun tí ó ń gba ìṣẹ́jú 15 lè gba 30. Ìgbà tí òróró bá léfòó sókè ni ó tó. Ti ìrẹsì yàtọ̀: bí ìkòkò bá ti hó, hóró kan kò mọ iye hóró tí ó yí i ká. Ohun tí ó jinná ní ìṣẹ́jú 30 sábà máa ń jinná ní nǹkan bí 40 sí 45.

Ìkòkò tí ó fẹ̀ ni kí a lò, kì í ṣe èyí tí ó jìn, torí nínú èyí tí ó jìn, ìsàlẹ̀ a máa jó kí òkè tó jinná. Kí iná wà ní kékeré, kí ìdérí lẹ̀ mọ́ ẹnu ìkòkò, kí a sì fi ṣíbí onígi yí i láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.