Kí O Tó Gba Ìsinmi, Fa Ìpàdé Rẹ Lé Ẹnìkan Lọ́wọ́

Lágbègbè Palmgrove wa yìí, láti òpópónà Shipeolu wọ inú Ṣómólú, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló gbòde, ẹni tó bá sì ti ṣe é pẹ́ á mọ̀ pé èèyàn ni oníbàárà ń bá dúnàádúrà, kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ lánàá ló fẹ́ bá lónìí. Ìdí nìyẹn tí ìsinmi ẹnìkan fi lè da iṣẹ́ odindi ilé-iṣẹ́ rú, bí ìpàdé bá ti wà nílẹ̀.

Ojú mi ti rí i rí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, alábàáṣiṣẹ́ kan gba ìsinmi, ohun tó kọ sílẹ̀ fún mi kò sì ju èyí lọ: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rí màmá oníléèwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10.” Màmá dé, wọ́n jókòó, wọ́n ní: “Bébà gíráàmù 80 tẹ́ ẹ ní ẹ máa fún mi lówó gíráàmù 60, ṣé ó ti dé?” Bébà 80 nípọn ju 60 lọ, owó wọn kò sì dọ́gba. Bí mo bá gbà, ilé-iṣẹ́ á jẹ gbèsè. Bí mo bá kọ̀, bí ẹni pe àgbàlagbà lópùrọ́ ni. Mo pe alábàáṣiṣẹ́ mi títí, fóònù rẹ̀ kò lọ. Màmá kó fáìlì wọn, wọ́n ní àwọn á padà nígbà tí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá dé. Wọn ò padà mọ́.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán. Ọjọ́ 6 kéré lójú, ṣùgbọ́n òkè òkun ni ọ̀pọ̀ bébà wa ti ń wá, owó rẹ̀ sì ń tẹ̀lé dọ́là. Iye tá a bá pè lọ́sẹ̀ yìí lè má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ká kàn sún ìpàdé síwájú kò lè tán ọ̀rọ̀ nígbà gbogbo.

Nígbà tó kàn mí láti lọ, ìpàdé pírúùfù ló wà nílẹ̀, níbi tí oníbàárà ti máa fọwọ́ sí ẹ̀dà àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ìfọwọ́sí la ń ṣe pléètì, àyípadà tó bá sì dé lẹ́yìn náà, pléètì tuntun ni, owó tuntun ni. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nìyí:

“Ohun tá a ti parí: ìwé 2,000, bébà inú gíráàmù 80, èèpo aláwọ̀ mẹ́rin. Mo sọ fún wọn pé iye owó kò ní yí padà bí wọ́n bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn.
Ohun tó kù: wọn ò tíì mọ̀ bóyá láminéṣọ̀n dídán ni wọ́n fẹ́ tàbí èyí tí kì í dán.
Ohun tí o lè gbà: ká kó ìwé fún wọn ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tá a dá. Má gbà kí owó dín.
Ẹni tí o máa pè: ọ̀gá wa tó ń mójú tó ìnáwó, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Mo ti sọ fún un.”

Ìlà kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí àṣẹ rẹ̀ dé, “Ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè” ni yóò máa sọ títí ìpàdé á fi tán. Ìlà kẹrin náà, èèyàn kan ṣoṣo tó máa wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni, kì í ṣe “ẹ pe ọ́fíìsì”, kì í sì í ṣe èmi tí mo wà lọ́nà ìlú wa níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀.

Mo pe oníbàárà lójú àbúrò mi: “Màámi, mi ò ní sí nílé lọ́jọ́ náà o. Ẹni tó máa dá yín lóhùn nìyí, gbogbo ohun tá a jọ sọ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀.” Mo jẹ́ kí wọ́n gbóhùn ara wọn.

Orúkọ mi ṣì wà lórí ìkésíni inú Google Calendar. Mo tẹ “Change owner”, mo sì dúró kí àbúrò mi gbà á nínú ímeèlì rẹ̀, torí bí kò bá tíì gbà á, tèmi ni ìpàdé náà ṣì jẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi dáa láti fi í di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ń lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, “Bí wọ́n bá ní kí o yọ díẹ̀ lára owó ńkọ́?” Ó ní òun á sọ pé iye tá a jọ gbà nìyẹn, òun á sì fi ọjọ́ méjì bẹ̀ wọ́n. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìpàdé náà ti kúrò lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Ká ní “Owó wo?” ló dá mi lóhùn ni, à bá tún jókòó.

Nígbà tí mo padà, mo bá ìwé tirẹ̀ lórí tábìlì: wọ́n ti fọwọ́ sí i, láminéṣọ̀n tí kì í dán ni wọ́n mú, wọ́n sì gba ọjọ́ méjì náà. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀ kó parí rẹ̀, torí òun ni oníbàárà wá mọ̀ báyìí.