Ẹ Ṣé Àná, Bàbá

Ọjọ́ Àìkú kẹta nínú oṣù Òkúdù ni a yà sọ́tọ̀ fún àwọn bàbá. Ọjọ́ náà kò ti ilẹ̀ Kétu wá. Ní ìlú Spókéènì, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Sonora Dodd ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1910, láti bu ọlá fún bàbá rẹ̀ tí ó dá tọ́ ọmọ mẹ́fà lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú. Àwọn Faransé fi òfin gbé e kalẹ̀ ní ilẹ̀ wọn ní ọdún 1952, ọjọ́ Àìkú kan náà tí wọ́n ń lò ni àwa náà sì ń lò. Àwa ọmọkùnrin ilé kan ní Òpómẹ́ta, tí àwa náà ti di bàbá ọmọ báyìí, pinnu pé lọ́dún yìí a ó kọ ìkíni ọjọ́ náà sí bàbá tiwa.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Bàbá wa kì í ṣe ẹni tí ń fi tinú hàn. Wọn kì í gbá ọmọ mọ́ra, wọn kì í sì í yin ọmọ lójú ọmọ. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa yege ìdánwò tí gbogbo ilé ń jó sí, ohun tí wọ́n wí ni pé “Ó dáa,” wọ́n sì bèèrè bóyá ó ti jẹun. Àwọn káàdì tí wọ́n ń tà ní Kútọnù kún fún ọ̀rọ̀ ìfẹ́ dídùn. Bí a bá dúró níwájú bàbá wa tí a ní a nífẹ̀ẹ́ wọn, wọn yóò fọwọ́ kan wa níwájú orí wò bóyá ara wa gbóná.

Kì í ṣe pé àwa ará Kétu kò mọ bí a ti ń yẹ́ òbí sí. Àwa ni a ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ Yunẹ́síkò kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2001. Nítorí àwọn ìyá wa ni a fi ń jó o, àwọn ọkùnrin ni ó sì ń gbé agọ̀ náà. Bàbá wa pẹ̀lú ti so ṣaworo mọ́sẹ̀ nígbà èwe wọn. Ọkùnrin tí kò lè fi ẹnu yin ìyàwó rẹ̀ nínú ilé lè fi ẹsẹ̀ yin gbogbo ìyá ìlú ní gbangba ọjà. Ṣùgbọ́n ti bàbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyìn tirẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà tí ó bá kú ni a ń dá aṣọ, tí a ń wá onílù, tí a ń kì í ní oríkì tí kò ní etí tí yóò fi gbọ́ ọ mọ́.

A wá ronú lórí ohun tí èdè wa fi sílẹ̀ fún wa. Nínú ìwà Yorùbá, ọpẹ́ kì í tán lójúmọ́ kan. Bí ènìyàn bá ṣe wá lóore lónìí, a óò dúpẹ́ lónìí, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, a óò tún padà lọ wí fún un pé, “Ẹ ṣé àná.” Gbólóhùn yìí kò sọ bí ọkàn wa ti rí. Ohun tí ó ń sọ ni pé a kò gbàgbé ohun tí a ṣe fún wa, kò sì sí bàbá tí yóò tijú láti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan: ẹni tí ń wí i gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ṣe lánàá. Nítorí náà, dípò kí a wá ọ̀rọ̀ dídùn, a bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa pé kí ni bàbá wa ṣe, báwo ni ó sì ti tó?

Ẹnu gbogbo wa kò lórí kòtò omi ẹ̀yìn ilé.

Ẹni tí kò gbé òkè Kétu rí kò lè mọ ohun tí omi jẹ́ fún wa. Ilẹ̀ wa pupa, ó sì lọ́ràá, ṣùgbọ́n omi jìn nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ń gbẹ́ kànga kì í sì í tètè bá a. Òjò ni a gbójú lé: àkọ́rọ̀ láti oṣù Ẹrẹ́nà títí dé Agẹmọ, àti àrọ̀kúrò ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ àti Ọ̀wàrà. Láti oṣù Bélú lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ti dé nìyẹn, fún bí oṣù márùn-ún. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìdájí ni ìyá wa máa ń jí ní àkókò yẹn láti lọ pọn omi, oòrùn a sì ti mú kí wọ́n tó padà dé.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, bàbá wa mú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n mọ ọ́n tán tí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, inú kòtò náà fẹ̀ ní mítà 2 ní ìbú àti ní òró, ó sì jìn ní mítà 3. Lítà 12,000 ni ó ń gbà. Wọ́n ká páànù sí etí òrùlé kí ó lè máa da omi òjò sínú rẹ̀. Ní àkókò náà ni alùpùpù wọn kúrò nílé, tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí oko fún ọdún méjì. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni ìyá wa sọ fún wa pé alùpùpù náà ni wọ́n tà ra sìmẹ́ǹtì.

Nígbà tí a dàgbà ni a tó ṣe ìṣirò tí wọ́n ti ṣe nínú orí wọn. Òrùlé wa gùn ní mítà 8, ó sì fẹ̀ ní mítà 6. Òjò tí ó bá rọ̀ dé ìwọ̀n mìlímítà 20 yóò da lítà 960 sórí rẹ̀. Bí a bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tí ó ta sílẹ̀, yóò ku bí 770, nítorí náà bí irú òjò bẹ́ẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni yóò kún kòtò náà. Ènìyàn mẹ́jọ ni a jẹ́ nílé. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà 10 lójúmọ́ fún mímu àti sísè, lítà 80 ni, lítà 12,000 yóò sì tó wa fún ọjọ́ 150. Oṣù márùn-ún gan-an nìyẹn. Wọn kò gbẹ́ kòtò náà tóbi jù, wọn kò sì gbẹ́ ẹ kéré jù. Wọ́n ti ka orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó mú ọkọ́.

Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kì í wọ inú kòtò náà. Wọ́n máa ń darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó fi fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù. Láràárọ̀ ni wọ́n sì ń ki ọ̀pá ọparun kan tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ là sínú omi. Lítà 80 lójúmọ́ túmọ̀ sí pé omi yóò fi nǹkan bí ìbú ìka kan lọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìka kan, wọn yóò dá ọ̀pá padà sí ìdí ògiri láìsọ̀rọ̀.

Ní àkókò ọyẹ́ kan, ọ̀pá fi ìka mẹ́ta lọ sílẹ̀ mọ́jú. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pọn omi ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi tún ti lọ sílẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé kòtò ń jò. Wọ́n ní kí a pọn omi kún gbogbo àmù, garawa àti kẹ́ẹ̀gì ilé, kí wọ́n lè fi kòtò náà sílẹ̀ fún ìṣọ́. Omi kì í jò kọjá ibi tí ihò wà. Ibi tí ó bá ti dúró, ibẹ̀ ni ògiri ti là. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọ̀pá kò lọ sílẹ̀ mọ́. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àkàbà, wọ́n rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ju okùn lọ, wọ́n gbẹ́ ẹ fẹ̀, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì dí i. Títí òjò fi padà, abọ́ omi kan ni wọ́n fi ń wẹ̀ tí wọ́n bá ti oko dé. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, wọ́n na ọ̀pá náà sí ẹ̀gbọ́n wa àgbà, wọ́n ní, “Wò ó.” Ó wò ó, ó sọ iye rẹ̀. Wọ́n ní, “Ó dáa.” Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti fọwọ́ kan ọ̀pá mọ́. Ojú wọn kò rí àmì ọ̀bẹ ara rẹ̀ dáadáa mọ́, wọn kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Èyí ni ó jẹ́ kí a kọ ìkíni yìí lọ́dún yìí, tí a kò dúró de ọdún mìíràn.

Ìkíni náà nìyí:

Bàbá wa, ẹ ṣé àná. Ẹ kú iṣẹ́ kòtò. Ẹ kú ìrìn oko ọdún méjì tí kò sí alùpùpù. Ẹ kú ìṣọ́ omi, ẹ kú ìdájí, ẹ kú ìfaradà àkókò ọyẹ́ tí kòtò jò. Ìyá wa kò jí pọn omi ní ìdájí mọ́ láti ọdún tí ẹ ti gbẹ́ ẹ. Àwa ọmọ yín rí i. Ọjọ́ 150 ni ẹ kà, ó sì pé. Ọ̀pá ti wà lọ́wọ́ wa, a ó sì máa wò ó láràárọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kí ẹ máa mu nínú omi yín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, kí àlejò tó dé, a ó dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa yóò sì kà á fún wọn. Níwájú èrò, ojú yóò tì wọ́n, wọn yóò sì dá wa dúró kí a tó parí. A kò ní bèèrè èsì, a kò sì ní wo ojú wọn pẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dìde, kí wọ́n bi wá bóyá a ti gbá ewé kúrò lórí páànù, nítorí òjò ṣì ń rọ̀ ní oṣù Òkúdù. A ti gbá a. Bí wọ́n bá sì ní, “Ó dáa,” àwa ti gbọ́ èsì wa.