Ọjọ́ Méje Tí Ó Wà Lára Ìgò Oògùn

Obìnrin àgbẹ̀ kan ní agbègbè Òkè-Ògùn ra oògùn apakòkòrò fún oko tòmátì rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní ni wọ́n fi kọ ìlànà sí ara ìgò náà. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn.

Ohun tí olùkọ́ náà kọ́kọ́ túmọ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò wúlò: mílílítà 400 oògùn nínú omi lítà 200, fún hẹ́kítà kan.

"Ọmọ mi, níbo ni n óò ti rí igba lítà? Lítà 16 ni ẹ̀rọ tí mò ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ń gbà."

Ìgbà náà ni ó tó ṣírò rẹ̀: mílílítà 2 fún lítà omi kan, èyí tí ó jẹ́ 32 fún ẹ̀rọ kan. Ìdérí ìgò ni ìyá náà sì fi ń wọn oògùn. Olùkọ́ ní kí ó fi sírínjì tuntun fa omi lásán, kí ó máa tú u sínú ìdérí náà títí yóò fi kún. Mílílítà 8 ni ó gbà. Ìdérí mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ kan nílò.

"Mẹ́fà ni mo máa ń dà sí i," ni ìyá náà wí, "kí ó lè ká àwọn kòkòrò náà."

Nísàlẹ̀ ìgò, wọ́n kọ PHI: 7. Èyí kì í ṣe iye ọjọ́ tí a ó fi tún oògùn fín, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń rò. Iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí a fín oògùn kẹ́yìn àti ìgbà tí a ó ká èso ni, kí èyí tí ó kù lára èso lè dínkù tó. Ìwọ̀n tí ó wà lára ìgò ni wọ́n sì fi ṣírò ọjọ́ méje náà; ẹni tí ó bá da ìdérí mẹ́fà kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́.

Olùkọ́ kọ ọ́ pé: "Ẹ ká a ní ọjọ́ keje." Ìyá náà fèsì pé bí òun bá fín in ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Àìkú ni òun yóò ká a. Ibẹ̀ ni olùkọ́ ti rí àṣìṣe ara rẹ̀. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ọjà ọrọọrún fi ń padà wáyé lẹ́yìn òru mẹ́rin. Ìgò kò ka ọjọ́ tí a fín oògùn rárá. Ọjọ́ kan ti sọnù nínú ìtumọ̀ náà. Ó tún un kọ: "Màmá, bí ẹ bá fín in ní ọjọ́ Ajé, ó di ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan èso."

"Ṣé kí n máa wo èyí tí ó bá pọ́n títí yóò fi rà ni?"

"Ẹ ká gbogbo èyí tí ó ti ń pọ́n kí ẹ tó fín oògùn."

Ní ọjọ́ Àìkú, ó ká agbọ̀n méjì. Ní ọjọ́ Ajé, ó da ìdérí mẹ́rin sínú ẹ̀rọ.