Ìrora Tó Ń Dé Lẹ́yìn Àsè

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn rí, ìwà kan máa ń bá a dalẹ́: kò lè ṣe kó má kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti kúrò ní yàrá ìròyìn, síbẹ̀ ìwé kékeré kan kì í kúrò nínú àpò mi, tí mo ń kọ ọjọ́, aago àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí dókítà yóò gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, tí yóò ṣí i láti ewé dé ewé, tí yóò sì sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí òun fẹ́ bi mí ti wà níbẹ̀.

Òru Sátidé kan ló bẹ̀rẹ̀. A lọ síbi ìsìnkú àgbà kan ní Ìbàdàn, n kò sì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó gbé ìrẹsì ọ̀fadà àti ọbẹ̀ ayamáṣe dé iwájú mi, epo lé téńté lórí ọbẹ̀, tòun ti ṣàkì, ẹyin àti ẹran díndín. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì tún gba àwo kejì. Ní nǹkan bí aago 11 alẹ́, lẹ́yìn tí a ti padà délé, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi mọ́ra ní òkè inú, lábẹ́ igbá àyà, tó fì sí apá ọ̀tún. Mo rò pé inú ló kàn kún. Kí ìdajì wákàtí tó pé, n kò lè jókòó, n kò sì lè dùbúlẹ̀.

Kì í ṣe irú inú rírun tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ìgbà tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ènìyàn. Èyí gun òkè, ó sì dúró síbẹ̀ digbí. Ó ta dé ẹ̀yìn mi, lábẹ́ palaba èjìká ọ̀tún. Mo gùfẹ̀, mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo mu oògùn olómi funfun tí a máa ń mu fún inú títa, mo yí síbí, mo yí sọ́hùn-ún. Kò sí èyí tó ràn án. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì, ìrora náà kò yẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí aago 2 òru ó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ fúnra rẹ̀, mo sì sùn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara mi dá bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe mí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: ohun tí mo jẹ, aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó dá.

Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní ọgbẹ́ inú ni, ó sì ta oògùn ọgbẹ́ inú fún mi. Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lẹ́yìn dòdò àti àkàrà tí epo rẹ̀ kò tíì ro dànù, ohun kan náà tún dé: aago 10 alẹ́ sí aago 1 òru. Wọ́n ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni ní tọ̀tẹ̀ yìí. Mo tún gba abẹ́rẹ́ fún ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìyàwó mi tó fi dandan lé e pé kí n lọ rí dókítà, kí n sì mú ìwé mi dání.

Dókítà náà kò kọ́kọ́ mẹ́nu ba òróòro rárá. Nítorí pé ìrora òkè inú fún ọkùnrin tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún lè jẹ́ ti ọkàn, ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn mi ṣe ń lù. Nígbà tí ìyẹn dára ló tó ka ìwé mi. Ó ní ohun mẹ́ta ni òun rí níbẹ̀: ìrora náà máa ń dé ní alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, ó máa ń le, á sì dúró lójú kan, á sì dá láàárín wákàtí díẹ̀ láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní ọgbẹ́ inú kì í sábà rìn báyẹn, pé ìyẹn a máa jó ènìyàn lọ́pọ̀ ọjọ́, oògùn rẹ̀ a sì máa rọ̀ ọ́. Ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò síkáànì, kí n má sì jẹun fún wákàtí 6 sí 8 kí n tó lọ, kí àpò òróòro lè kún, kó sì ṣeé rí dáadáa.

Ẹni tó bá ti pa adìẹ rí mọ òróòro. Ó mọ àpò kékeré aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, tí à ń fi ìṣọ́ra gé kúrò kó má baà bẹ́ sára ẹran. Tiwa náà wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀, lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi òróòro, àpò yìí ń bá a tọ́jú rẹ̀, ó sì ń mú kó ki. Bí ọ̀rá bá ti inú agbẹ̀du dé ìfun, ìfun á ránṣẹ́ sí àpò náà nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ pé kó fún ara rẹ̀ pọ̀, kó tu òróòro jáde láti wá pò ó mọ́ omi kó lè dà. Bí oúnjẹ náà bá ṣe lọ́ràá tó ni àpò náà ṣe máa ń fún ara rẹ̀ tó. Bí òkúta bá wà nínú rẹ̀, fífún yìí lè ti òkúta náà sí ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ó há síbẹ̀. Àpò ń fún, ọ̀nà ti dí; ìyẹn ni ìrora náà. Bí òkúta náà bá yẹ̀, tó padà sínú àpò, ìrora á lọ. Ìdí nìyí tí n fi ń jí bí ẹni tára rẹ̀ le.

Nínú síkáànì mi, òkúta mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n funfun, òjìji dúdú sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n yí lọ bí èkùrọ́ nínú kèrègbè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní irú rẹ̀ tí kò sì ní yọ wọ́n lẹ́nu títí ayé. Irú wọn kò nílò iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń dùn, dídùn rẹ̀ sábà máa ń padà wá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé ni òkúta tí kọlẹ́sítáróò inú òróòro dì pọ̀. Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ní tiwọn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń fọ́ lemọ́lemọ́, òkúta dúdú a máa wà nínú òróòro wọn láti kékeré. Nítorí náà kí òbí má rò pé àgbàlagbà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Dókítà ní kí a dá ọjọ́ tí wọn yóò yọ àpò náà. Mo ní owó kò tíì pé. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo dín epo kù, ìyẹn sì ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n dídín epo kù kì í yọ́ òkúta tó ti dì. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí n po òróró ólífì mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, kí n mu ún lóru, pé òkúta yóò jáde. Mo mu ún o, èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tú irọ́ wò! Ohun aláwọ̀ ewé kéékèèké jáde lóòótọ́, mo sì yọ̀. Nígbà tí mo sọ fún dókítà, ó ní òróró náà ló dì bí ọṣẹ nínú ìfun. Síkáànì kejì fi hàn pé òkúta mẹ́ta náà ṣì wà níbùjókòó wọn. Orí ló kó mi yọ pé òróró púpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò dá ìrora sílẹ̀ lóru ọjọ́ náà.

Ìkẹrin ló yàtọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní aago 9 alẹ́. Aago 1 kọjá, aago 3 kọjá, kò dẹ̀. Ibà bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Bí mo bá fẹ́ mí kanlẹ̀, ìrora náà á já èémí mi gé. Mo ní kí a jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi tan iná, ó ṣí ìwé náà.

“Bàbá Ìbejì,” ó ní, “kò sí èyí tó pé wákàtí mẹ́rin nínú gbogbo èyí tẹ́ ẹ kọ síbí. Wákàtí kẹfà rèé, ara yín sì ń gbóná. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ.”

Ní ilé ìwòsàn, dókítà oníṣẹ́ abẹ tẹ ọwọ́ sí abẹ́ egungun ìhà mi lọ́tùn-ún, ó ní kí n fa èémí sínú. Bí àpò náà ṣe sọ̀kalẹ̀ kan ọwọ́ rẹ̀, èémí mi dúró, mo ké. Ó tẹ apá òsì bákan náà. Kò dùn mí. Ó ní òkúta náà kò yẹ̀ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà, pé àpò ti wú, kòkòrò sì lè ti wọ inú rẹ̀. Wọ́n ní kí n má jẹ, kí n má mu. Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n fún mi ní oògùn apakòkòrò àti èyí tó ń pa ìrora. Wọn kò ní kí n lọ sílé kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Àpò tó bá wú báyìí lè jẹrà, kó sì lu. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ sì ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀ rọrùn jù; bí ó bá pẹ́, ara á so mọ́ra yí i ká, ọwọ́ dókítà kò sì ní í ríbi gbà dáadáa.

Ohun tó yí padà lóru yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ̀. Ìrora tó ti lé ní wákàtí 5 tàbí 6, tàbí tí ibà tẹ̀ lé, kì í ṣe ti ká dúró de Mọ́ńdè. Ẹnìkan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí tún rí èyí tó burú ju tèmi lọ. Òkúta tirẹ̀ jáde nínú àpò, ó lọ há sí ojú ọ̀nà tó ti ẹ̀dọ̀ wá. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí àgbo, ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun bí amọ̀. Wọ́n ní ibà pọ́njú ni, wọ́n sì ń se àgbo fún un fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì ni wọ́n tó gbé e lọ. Kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí ibùsùn kó tó là á já. Ìrora, ojú pípọ́n àti ibà tó ń gbọ̀n ènìyàn, bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé ẹni náà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrora òkè inú tó gún tààrà lọ sí ẹ̀yìn, tí èébì rẹ̀ kò sì dá, nítorí òkúta tó bọ́ sísàlẹ̀ lè mú kí ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn agbẹ̀du, tí a ń pè ní páńkíríásì, gbiná. Arúgbó àti alátọ̀gbẹ ní tiwọn, ara wọn lè má gbóná tó bí àìsàn náà ṣe le tó. Kí á má fi ti ibà nìkan wọ̀n wọ́n.

Ihò kéékèèké mẹ́rin ni wọ́n lu sí mi nínú, wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán wọlé láti inú ọ̀kan, wọ́n sì fa àpò náà jáde. Ara lè ṣe láìsí i: òróòro kàn ń ti ẹ̀dọ̀ ṣàn tààrà lọ sí ìfun. Inú mi ṣí díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kan, lẹ́yìn náà ó tò. Nọ́ọ̀sì kan kó àwọn òkúta náà sínú ìgò kékeré fún mi. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju ẹ̀wà lọ. Ìyàwó mi ló kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn sínú ìwé náà, lọ́wọ́ ara rẹ̀, nítorí pé èmi kò lè mú gègé lọ́jọ́ náà: “Aago 10 àárọ̀. Wọ́n ti gbé wọn wọlé.”