Ṣọ́ọ̀tì márùn-ún péré

 

Lọ́dún tó kọjá, níbi ọjọ́ìbí kan ní Bódìjà, ọtí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀rẹ́ mi lójú mi. Kì í ṣe pé ó mu àmukú. Ṣọ́ọ̀tì márùn-ún ni. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èmi gan-an ni mò ń bù ú fún un.

Ẹ má rò pé ọ̀rẹ́ mi yìí kì í mutí. Ìgò bíà ńlá méjì ò lè ṣe é ní nǹkan kan, á kàn máa rojọ́ bọ́ọ̀lù ni. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ibi iṣẹ́ ló ti wá tààrà, kò tíì jẹun láti àárọ̀. Fódíkà la ń mu. Bó bá ti gbé ọ̀kan mì, á fi mínírà tútù lé e, kí ọ̀fun má baà ta á. Ká tó rí ogún ìṣẹ́jú, ó ti mu márààrún. Ó wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọtí yín yìí ò ṣe nǹkan kan jàre!"

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Lóòótọ́, ọtí náà ò tíì ṣe nǹkan kan. Kò tíì dé ibi tó ń lọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà. Téèyàn bá gbé ọtí mì, inú àpò oúnjẹ ló kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Díẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìfun kékeré, tó tẹ̀ lé àpò oúnjẹ, ni ọ̀nà ńlá rẹ̀, torí pé ara inú ìfun yẹn fẹ̀ gan-an, kíá ló ń fa ọtí. Ìlẹ̀kùn kan wà láàárín àwọn méjèèjì, iṣan ló ń ṣí i tó sì ń tì í. Tí oúnjẹ bá wà nínú àpò, ìlẹ̀kùn yẹn kì í yá a ṣí, torí àpò ṣì ń lọ oúnjẹ lọ́wọ́. Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ọtí á kàn kọjá fìrì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu rèé. Ọtí líle tí kò ní àdàlù, tó jẹ́ ìdá 40 nínú 100, kì í tètè kọjá tó bí a ṣe rò. Ó le ju ohun tí àpò oúnjẹ lè fara dà lọ, ó máa ń ta á lára, ìlẹ̀kùn á sì dì pa fúngbà díẹ̀. Ìgbà tí ọtí náà bá rọ̀ dé nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú 100 ló ń tètè wọ ẹ̀jẹ̀ jù. Ó wá yé mi: ṣọ́ọ̀tì kan, mílílítà 30, tí èèyàn fi mínírà tó tó bẹ́ẹ̀ lé, ti di ìdá 20 nínú ikùn. Kọ́ọ̀bù méjì ló wà lórí tábìlì, àmọ́ inú ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n ti pò pọ̀. Ohun tó ń fi pa oró ọtí náà ló ń la ọ̀nà fún un.

Mínírà náà tún ní gáàsì. Èyí tó ń mú un hó ṣùùù yẹn, tó ń mú wa gùnfẹ̀. Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé gáàsì yẹn ń fẹ àpò oúnjẹ, ó ń tì í láti tètè tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìfun. Ní 2007, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Mánṣẹ́sítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún èèyàn 21 tí kò tíì jẹun ní fódíkà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti lásán, èyí tí wọ́n fi omi là, àti èyí tí wọ́n fi omi oní-gáàsì là. Nínú àwọn 21 yẹn, ọtí tí wọ́n là yá wọ ara 20 ju ti lásán lọ. Ní ti gáàsì, ó yá sí i lára èèyàn 14. Lára àwọn méje yòókù, kò yàtọ̀, tàbí kó tilẹ̀ falẹ̀ sí i. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá sọ pé òun kì í rí ìyàtọ̀ kankan, ó lè má parọ́.

Gáàsì ò fi ọtí kún ọtí o. Iye tó wà nínú ife náà ló wà níbẹ̀. Ó kàn ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà ni, kí ẹ̀dọ̀ tó ráyè. Ẹ̀dọ̀ ò sì mọ̀ pé à ń kánjú. Iṣẹ́ tó lè ṣe ní wákàtí kan ò fi bẹ́ẹ̀ ju ṣọ́ọ̀tì kan lọ.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Ṣọ́ọ̀tì márùn-ún jẹ́ mílílítà 150. Ìdá 40 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ mílílítà 60 ọtí gidi. Ìgò bíà ńlá tó jẹ́ mílílítà 600, tó ní ìdá 5 nínú 100, ní mílílítà 30. Nítorí náà, ìgò bíà méjì géérégé ló mu, iye tó máa ń mu tẹ́lẹ̀! Àmọ́ wákàtí méjì ààbọ̀ ló máa ń fi mu ìyẹn, pẹ̀lú súyà.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, kò lè dìde mọ́. A gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, a dà á délẹ̀ gbalaja, ojú sókè. A ní kó sùn ún kúrò lójú. Ó ti dáwọ́ dúró, àbí? Ẹnì kan tún ń wá epo pupa ká rọ ọ́ sí i lẹ́nu.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni ìgbà tó mu èyí tó kẹ́yìn. Mo ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Wọ́n ní, "Èyí tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń gòkè nìyẹn. Tẹ́ni tí ò jẹun bá mutí, ó lè gba ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ààbọ̀ kó tó dé góńgó. Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu! Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, tó bá bì kó má gba ọ̀nà ọ̀fun. Wá ka èémí rẹ̀ fún mi, ìṣẹ́jú kan gbáko."

A yí i. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi bì lójú oorun, kò tilẹ̀ jí. Ká ní ojú rẹ̀ ṣì wà lókè ńkọ́?

Mo ka èémí rẹ̀. Méje. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí kò bá ti pé mẹ́jọ, tàbí tó bá ń dáwọ́ dúró ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ láàárín méjì, ilé ìwòsàn ni, ká má ṣe dúró wò ó. Ara rẹ̀ ti tutù, mo gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, mo pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. A gbé e sínú mọ́tò, èmi ni mo dì í mú sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn, mo ń ka èémí títí a fi débẹ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì ń ṣọ́ èémí rẹ̀ mọ́jú.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ló lajú. Bàtà rẹ̀ ló kọ́kọ́ bèèrè. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé mélòó lòun mu gan-an.

Mo ní márùn-ún.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Márùn-ún péré?"