Èmi Ni Mo Ní Kí Mọ́mì Má Ra Sítábíláísà

Nígbà tí Mọ́mì fẹ́ ra ohun tí yóò máa dáàbò bo tẹlifíṣọ̀n wa ní Kàdúná, èmi ni mo ní kí wọ́n má ra sítábíláísà. Mo ní sọ́jì pùrọ́tẹ́kítọ̀ ti tó, torí owó rẹ̀ kéré. Wọ́n gbọ́ tèmi. Kò pé oṣù méjì tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́yìn yọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, fáànù pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni pé ó fẹ́ já bọ́, gílóòbù sì mọ́lẹ̀ rekete. Àwọn aládùúgbò wa ní tiwọn ń pariwo pé iná àwọn ń ṣe bàìbàì. Kí n tó dé ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbọ́ "pàù!" Òórùn nǹkan tó jóná gba gbogbo ilé. Tẹlifíṣọ̀n kú.

Málàm tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ládùúgbò wa tú sọ́jì náà. Wọ́n fi nǹkan pẹlẹbẹ roboto kan hàn mí, ó ti dúdú bí èédú. Wọ́n ní òun ló ń gba iná tó bá ta lójijì dúró, ìyẹn èyí tó wá tó sì lọ kéèyàn tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n wáyà nútírà ló já níta lọ́jọ́ náà. Tó bá ti já, ilé kan á gba iná díẹ̀, òmíràn á gba àgbàjù. Dípò 230 fólítì, ó lè ju 300 lọ, kò sì ní tètè lọ. Sọ́jì ò lè gba ìyẹn dúró, ṣe ló máa jóná.

Mo wá bi wọ́n pé kí la máa rà báyìí. Wọ́n ní kí n ka ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n kọ 100-240V síbẹ̀. Ìyẹn ni pé iná tó kéré ò fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, èyí tó pọ̀jù gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó kàn ń gé iná tó bá ga jù. Ṣùgbọ́n èyí tí a rí lọ́jà tún ń gé e tó bá wálẹ̀ sí nǹkan bí 185, tiwa sì máa ń wálẹ̀ dé 150 lálaalẹ́! A ò ní rí tẹlifíṣọ̀n wò rárá nìyẹn. La bá ra sítábíláísà tó ń gba 140 sí 260, tó sì ń gé iná fúnra rẹ̀ tó bá ti kọjá ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gé e o, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tẹlifíṣọ̀n wa ń jẹ 110 wáàtì, dẹ̀kódà ń jẹ 20. 130 nìyẹn. Sítábíláísà 1000VA tó o, ó tún ṣẹ́ kù. A ò ṣáà so fíríìjì mọ́ ọn.

Málàm pààrọ̀ bọ́ọ̀dù tó ń pín iná nínú tẹlifíṣọ̀n, ó sì jí. Inú owó pròfíṣọ̀n mi ni Mọ́mì ti san án. Gààrí ni mo fi parí táàmù yẹn. Nísinsìnyí, tí fáànù bá tún bẹ̀rẹ̀ eré, sítábíláísà á dún "kàù", tẹlifíṣọ̀n á kú jẹ́ẹ́. Mọ́mì á kàn wò mí, wọn ò ní sọ nǹkan kan.