Ìdajì Owó, Òrùlé Wo?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Èrèlé, nígbà tí ọyẹ́ ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, tí gbogbo ẹni tó ní ògiri tí kò tíì ní òrùlé sì ń wo ojú ọ̀run bí ajigbèsè ṣe ń wo ojú ọ̀nà, ni bàbá tíṣà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì wọ ibi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní: “Ọ̀gá káfíńtà, ẹ wò ó. ₦2,800,000 ni ẹ dá lé òrùlé ilé mi ní Parakin. Ẹlòmíràn ní ₦1,400,000 ni òun yóò gbà. Ṣé ẹ ó gba iye tó gbà?”

Mo fi àga lọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ènìyàn fi ìjókòó dáhùn ni, nítorí bí a bá dá a lóhùn lórí ìdúró, ọ̀kan nínú méjì ni yóò ti ẹnu wa bọ́: yálà kí á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tí kò sí níbẹ̀, tàbí kí á ní “Ó dára, bàbá, ẹ mú un wá.” Èmi ti sọ gbólóhùn kejì yẹn rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, tí ebi iṣẹ́ ń pa mí ju ebi oúnjẹ lọ, mo gbà láti ṣe òrùlé kan ní iye tí ẹlòmíràn pè, láìmọ ohun tí ẹni náà fẹ́ fi ṣe é. Iye owó wálẹ̀, ṣùgbọ́n iye igi ní ọjà pákó kò wálẹ̀ nítorí tèmi. Ni mo bá fi arère rọ́pò ìdígbò, mo sì fi ẹsẹ̀ bàtà 6 sáàárín ràfítà kan sí èkejì dípò ẹsẹ̀ bàtà 4. Ìjì àkọ́kọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà ló gbé apá kan rẹ̀ lọ sí oko ẹlòmíràn, àpò ara mi ni mo sì fi tún un ṣe. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni ilé sọ ní ọjọ́ tí mo já owó náà wálẹ̀ dùn mí ju páànù tó fò lọ. Ó ní, “Ṣé ẹ fẹ́ yàn mí jẹ tẹ́lẹ̀ ni?” Mi ò rí èsì fọ̀, nítorí ẹni tí ó bá já ìdajì owó sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí pé irọ́ ni ìdajì kejì. Àwọn àgbà ti wí i pé a kì í fi ojú olójú ṣòwò kí á jèrè.

Nítorí náà, mo bẹ bàbá tíṣà pé kí àwa méjèèjì jọ ka ìwé ẹni kejì. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni nọ́ńbà kan: páànù, mítà onígun mẹ́rin 140. Mo mọ ibi tí ó ti rí i. Ògiri ilé bàbá gùn ní mítà 14, ó sì fẹ̀ ní mítà 10; ẹni tí ó bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀ yóò rí 140. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ilẹ̀ nìyẹn. Òrùlé ní láti yọ ju ògiri lọ kí òjò má baà máa bá fèrèsé jà, a sì ti jọ fẹnu kò sí sẹ̀ntímítà 75 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan; èyí sọ ọ́ di mítà 11.5 sí 15.5, tí í ṣe 178. Ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo ṣí i, mo dà á dé orí tábìlì bí àgọ́, mo ní kí bàbá wo bí ilẹ̀ tí ó bò ṣe kéré sí ìwé náà fúnra rẹ̀. Tíṣà ni wọ́n. Kí n tó parí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń wá bírò. Òrùlé tí ó bá dagẹ̀rẹ̀ ní digírì 30, 0.866 ni a ó fi pín 178 yẹn, ohun tí yóò sì jáde lé díẹ̀ ní 205, èyí tí èmi kọ sí 206. Mítà 66 ni ìwé ọ̀hún kò kà, àárín iṣẹ́ ni wọn ì bá sì ti wá béèrè owó rẹ̀, nígbà tí igi ti wà lókè tí òjò sì ti ń ṣú.

Mi ò pe ẹni yẹn ní olè. Ó lè jẹ́ pé ó kánjú ni, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló lọ wọn ilé náà.

Èkejì ni nínípọn páànù: tèmi jẹ́ 0.55, ti ẹni kejì 0.45. Mo fi kún un pé nọ́ńbà tí a kọ sí ara páànù ọ̀tọ̀, páànù fúnra rẹ̀ ọ̀tọ̀, àti pé ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n lè ní kí wọ́n gé mítà onígun mẹ́rin kan fún òun kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ó gbé e lé ìwọ̀n: 0.55 yóò sún mọ́ kílò 1.5, 0.45 yóò sì wà ní nǹkan bí 1.2. Ẹ̀kẹta ni igi. “Igi” lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀, bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni arère tí kòkòrò fẹ́ràn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àkàrà, àti ìdígbò.

Bàbá dákẹ́, wọ́n ní òye yé àwọn, ṣùgbọ́n owó kò sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ, òótọ́ kì í sì í ṣe ohun tí à ń bá jà. Mo ní bí owó yóò bá wálẹ̀, iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀, kí á sì jọ mọ ibi tí a ti gé e. A kò ní fọwọ́ kan ìdígbò, a kò ní fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàtà 4, a kò sì ní yọ oògùn ìkán, ṣùgbọ́n 0.45 tí ó pé 0.45 yóò ṣe é lórí ilé tí kò ga, bí igi tí a kàn án mọ́ bá sún mọ́ra. Ìyẹn nìkan yọ ₦309,000, ó sọ owó mi di ₦2,491,000. Bàbá fi kún un pé kí á sọ òrùlé onígun mẹ́rin náà di onígun méjì. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí a ṣírò rẹ̀: páànù kò dín, nítorí ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà ni, àwọn bíríkìlà yóò sì ní láti fi búlọ́ọ̀kù tí ó tó 290 kún igun méjèèjì lókè, ohun tí a rí lọ́wọ́ ọ̀tún yóò ti ọwọ́ òsì lọ. A fi í sílẹ̀.

Wọ́n lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta wọ́n pè mí, wọ́n ní ọkùnrin yẹn ti tún ilé wọ̀n, ó rí 206, ó sì ti di ₦1,950,000. Mo ní kí wọ́n béèrè orúkọ igi náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti béèrè: bí ó bá fi ìdígbò ṣe é ní ẹsẹ̀ bàtà 4 pẹ̀lú oògùn, ₦2,300,000 ni yóò gbà, àwọn sì ti fún un ní iṣẹ́ náà. Mo dúpẹ́ pé wọ́n pè. Ó dùn mí, n kò ní purọ́.

Nínú oṣù Igbe mo gba Parakin kọjá, mo dúró lábẹ́ igi kan lódìkejì ọ̀nà, mo ka ràfítà láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Wọ́n pé. Ọkùnrin náà rí mi láti orí àkàbà, kò mọ̀ mí, ó ju ọwọ́ sí mi, èmi náà sì kí i kú iṣẹ́.